Ẹ Wo Ọjọ́, Ẹ Má Wo Ohùn

Inú ń bí wa, a ò sì ní díbọ́n. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣòwò bàágì àdìrẹ láti ìgbà tí a ti wà ní ọdún kejì níléèwé. Lọ́dún 2024, owó wa há sọ́wọ́ ẹnì kan l'Ékòó tí òun àti àwa jọ ń tajà. Ẹni yìí kò bú wa rí. Kò pa fóònù rẹ̀ nítorí wa. Kò sọ lọ́jọ́ kan pé òun ò ní san. Gbogbo ìgbà tí a bá kọ̀wé sí i ló ń dá wa lóhùn, ohùn náà á sì tutù bí omi àmù.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú. A ní ìdáhùn tútù yẹn gan-an ló jẹ́ kí owó wa pẹ́ níta. Ká ní Àǹtí ti sọ fún wa ní oṣù karùn-ún pé "mi ò san", a ò bá ti mọ ohun tí a máa ṣe ní oṣù karùn-ún. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la, àwa náà sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ ń tajà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wà nínú irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ kàn ń pè é ní sùúrù ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí ìṣirò wa sílẹ̀ kí ẹ lè mọ ohun tí à ń sọ. À ń ra àdìrẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Ìdì kan jẹ́ yáàdì márùn-ún, a sì ń rí bàágì 10 nínú rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún náà a ra ìdì mẹ́fà ní ₦10,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦60,000. Owó ìránṣọ jẹ́ ₦1,000 lórí bàágì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦60,000 mìíràn. Aṣọ inú, síìpù àti okùn gba ₦30,000. Bàágì 60 jáde, ₦2,500 la ná lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àdéhùn wa pẹ̀lú Àǹtí ni pé yóò máa tà á ní ₦6,000 ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò mú ₦1,500, yóò sì fún wa ní ₦4,500. Ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù ni yóò máa san owó èyí tó bá ti tà. Ṣáájú èyí ó ti ta bàágì 20 fún wa, ó sì san gbogbo owó rẹ̀ láìpẹ́ rárá. Ìdí nìyí tí a fi gbé 60 fún un ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta láìbẹ̀rù.

Ẹ wá wo àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ sí wa lórí Wásáàpù. A tò wọ́n bó ṣe tẹ̀léra, a ò fi ọ̀rọ̀ kún un.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àbúrò mi. Bàágì yín ń tà gan-an, 52 ló ti lọ. Mo máa fi owó yín ránṣẹ́ ní Jímọ̀ tó ń bọ̀."

Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, lẹ́yìn tí Jímọ̀ ti kọjá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Báńkì ló ń ṣe ségesège. Ẹ máa rí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀."

Ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún: "Ẹ ṣeun tí ẹ ń mú sùúrù. Oníbàárà kan ló gba ọjà àwìn lọ́wọ́ mi, ó ní òun á san kí oṣù tó parí. Bó bá ti san báyìí, owó yín ni màá kọ́kọ́ yọ."

Ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún: "Mi ò gbàgbé yín rárá, ẹ̀yin ọmọ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká ṣe Iléyá tán ná."

Ọjọ́ 22 oṣù kẹfà, nígbà tí Iléyá ti kọjá ní ọjọ́ 16: "Láìpẹ́, láìjìnnà. Olúwa máa ṣe é. Ẹ tiẹ̀ bá mi wá 30 mìíràn, àwọn èèyàn ń béèrè rẹ̀."

Bí ẹ bá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe kà wọ́n. Àṣìṣe wa nìyẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń kà wọ́n, a sì ń kà wọ́n fún ohùn. Ọjọ́ tí a tò wọ́n sójú kan lọ́rọ̀ yí padà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọjọ́ ìsanwó. Nínú àkọ́kọ́, ọjọ́ kan pàtó ni: Jímọ̀. Nínú ìkejì ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, tó lè jẹ́ ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun. Nínú ìkẹta ó di ìparí oṣù, ó sì ti ní "bó bá" nínú. Nínú ìkẹrin ó di ẹ̀yìn ọdún, láìsí iye ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìkarùn-ún kò sí ọjọ́ mọ́ rárá. Bí ohùn náà ṣe ń dùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ náà ń pòórá. Ẹni tó ń wá owó láti san gbèsè kì í rìn bẹ́ẹ̀. Bí owó bá ṣe ń sún mọ́ ọn ni ọjọ́ rẹ̀ á máa ṣe kedere sí i.

Ẹ tún wo ẹni tí kọ́kọ́rọ́ owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹrin, ọwọ́ Àǹtí fúnra rẹ̀ ló wà: "mo máa fi ránṣẹ́". Lẹ́yìn náà ó bọ́ sọ́wọ́ báńkì, ó bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà kan tí a ò mọ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ Iléyá, ó sì parí sọ́wọ́ Olúwa. A ò lè lọ bá ìkankan nínú wọn. Ta ló fẹ́ bá Iléyá jà? Ta ló fẹ́ sọ pé Olúwa ò ní ṣe é? Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jẹ wá lówó sọ́wọ́ ẹni tí a ò lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti ń tì wá síta díẹ̀díẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wo iye owó náà pẹ̀lú. Bàágì 52 ní ₦4,500 jẹ́ ₦234,000. Lẹ́yìn ọjọ́ 27 oṣù kẹrin, Àǹtí kò dárúkọ 52 mọ́, kò sì sọ iye kankan. "Owó yín" ló ń pè é, nígbà tó yá "yín" nìkan ló kù, pé òun ò gbàgbé wa. A ò sọ pé kó má gbàgbé wa. Owó la ní kó rántí.

Àwọn kan á ní a ò láàánú, pé ọjà ò tà, pé ìlú le. A mọ̀ pé ìlú le, inú ìlú náà là ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìlú le fún ní àmì tirẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ta bàágì mẹ́fà fún wa ní oṣù karùn-ún, ₦27,000 ló jẹ́ owó tiwa. Sátidé ló yẹ kó san. Ní Ọjọ́bọ̀, kí a tó béèrè rárá, ó wá bá wa: "Mi ò ní rí gbogbo ẹ̀. ₦10,000 rèé. Ẹ máa gba ₦17,000 lọ́jọ́ 15. Ẹ má wulẹ̀ yọ mí lẹ́nu kó tó dìgbà yẹn." Kò sí pẹ̀lẹ́ kankan níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ le bí òkúta. Ọjọ́ 16 ló mú ₦17,000 wá. Ó fi ọjọ́ kan pẹ́, a ò sì bínú sí i. Ó sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé, ó mú díẹ̀ wá, ó dárúkọ iye tó kù, ó sì dárúkọ ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tí nǹkan nira fún tó sì fẹ́ san nìyẹn. Ẹni tó sún ọjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ọ̀tá wa. Ìgbà tó bá sún un lẹ́ẹ̀kejì, tí ọjọ́ tuntun náà sì ṣú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni kí ẹ jí lójú oorun.

Kí ló wá dé tí oníṣòwò tó ń tajà fi máa ń ṣe báyìí? A ò gbà pé ìkà ni Àǹtí. Ìṣirò ló ń ṣe. Oníṣòwò tó ní ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó kì í jẹ ẹnì kan ṣoṣo lówó. Ó ní owó ilé láti san, onílé sì lè ti ilẹ̀kùn. Ó lè ti yá owó lọ́wọ́ àwọn olówó sọ̀gúndogójì, èlé tiwọn ń gorí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń kó ọjà fún un láti Bàlógùn ò ní kó òmíràn wá bí ó bá jẹ wọ́n. Àwa nìkan ni gbèsè tiwa kò lélé, tí kò lariwo, tí kò sì dá ọjà dúró. Bó bá rí ₦100,000 lónìí, ta ni yóò kọ́kọ́ san fún? Àwa náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí dídúró rẹ̀ kò bá ní ohun tó ń ná onígbèsè ni yóò kẹ́yìn. Owó wa ti di owó àyálò tí a kò mọ̀ pé a yá a, kò sì béèrè lọ́wọ́ wa kó tó yá a.

Ohun tí oṣù wọ̀nyẹn sì gbà lọ́wọ́ wa pọ̀. Ìdì àdìrẹ tí a rà ní ₦10,000 ní oṣù kejì ti di ₦13,000 nígbà tí a padà sí Ìtòkú ní oṣù keje. ₦60,000 tó ra ìdì mẹ́fà tẹ́lẹ̀ kò lè ra ju mẹ́rin lọ, pẹ̀lú ṣẹ́ńjì. Kódà bí Àǹtí bá san gbogbo rẹ̀ pé, ohun tó san kì í ṣe ohun tó jẹ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀bi tiwa náà sórí tábìlì. Nígbà tí Àǹtí sọ pé báńkì ń ṣe ségesège, ohun tí a kọ padà ni "Kò sí wàhálà, mà." Nígbà tó sọ pé ká ṣe Iléyá tán, a kọ ọ́ pé "Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, mà. Àṣèyí ṣàmọ́dún." A fi ẹnu ara wa sọ fún un pé kò sí wàhálà. Ó gbà wá gbọ́.

Wọ́n kọ́ wa nílé pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àpò ta ni obì ti yọ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Àpò tiwa ni. Àwọn tó ń pa òwe yìí fún wa ń pa á bí ẹni pé àwa nìkan ló yẹ ká máa sọ̀rọ̀ rere. Wọn kì í rò ó pé onígbèsè náà mọ òwe náà, ó sì ń lò ó.

Àwọn kan tún sọ pé kò bá àṣà mu kí ọmọdé máa lé àgbà kiri nítorí owó. Kí wọ́n lọ ka ohun tí Samuel Johnson kọ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ó ṣàlàyé àwọn ológò níbẹ̀, àwọn tí wọ́n máa ń rán lọ dógò ti onígbèsè. Ológò á wọ ilé onígbèsè, á jókòó tì í, á sì di ìyọlẹ́nu fún gbogbo ilé títí owó á fi jáde. Àwọn baba wa mọ̀ pé gbèsè tí kò bá ní ẹni tó ń dà á láàmú kì í jáde. A ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ dógò lónìí. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi àṣà bo gbèsè mọ́lẹ̀ fún wa.

Ohun tó là wá lójú gan-an kì í ṣe Àǹtí. Ìyá tó ń bá wa rán bàágì ni. A ti fún un ní ₦20,000 nínú ₦60,000 rẹ̀, ₦40,000 ló kù, à ń dúró de Àǹtí kí a tó san án. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, ọ̀kan nínú wa lọ kí i. Ìyá na fóònù sí i, ó ní kó ka ohun tí a kọ: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. A ò gbàgbé yín rárá. Bí wọ́n bá ti san owó wa báyìí, tiyín la máa kọ́kọ́ yọ." Ìyá wá sọ pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ mọ̀wé kọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi 'a ò gbàgbé yín' ra òwú."

Ojú tì wá. Ọ̀rọ̀ Àǹtí la gbé lọ fún ìyá náà láìyọ kókó kan kúrò, a sì rò pé ọmọlúàbí là ń ṣe. Lọ́jọ́ yẹn la dá ₦40,000 jọ láti inú owó oúnjẹ wa, a sì san án. Ọjọ́ yẹn náà la tò àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ Àǹtí sójú kan.

Ní ọjọ́ 1 oṣù keje, a kọ ìbéèrè kan tí kò ṣeé fi ìkíni dáhùn: "Ẹ káàárọ̀, mà. Bàágì 52 ní ₦4,500 jẹ́ ₦234,000. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé iye tí ẹ ní náà nìyẹn? Ọjọ́ wo ni ẹ máa san ₦80,000 àkọ́kọ́?" Kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀, a kí i, a ní "mà". Ìdáhùn rẹ̀ rèé: "Háà, ẹ̀yin àbúrò mi! Bẹ́ẹ̀ ni, 234 ni, mi ò jiyàn. Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi mọ́ ni?" A béèrè ọjọ́, ó fi ìfẹ́ dá wa lóhùn. Bí ẹ bá bi ẹnì kan ní ọjọ́ àti iye, tó sì béèrè bóyá ẹ ṣì fẹ́ràn òun, ẹ ti gba ìdáhùn yín.

Ṣùgbọ́n ó ti sọ "234 ni, mi ò jiyàn". Ẹ̀bùn ni ìyẹn. Ibi tí ìwà pẹ̀lẹ́ ti máa ń ṣe onígbèsè lọ́ṣẹ́ nìyí: ẹni tí kò fẹ́ sọ pé òun ò ní san á máa jẹ́wọ́ gbèsè náà lójoojúmọ́, ní àkọsílẹ̀. Láti 2018 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ní ilé ẹjọ́ fún gbèsè kéékèèké lábẹ́ kóòtù májísíréètì. Owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan pàtó tí a lè dárúkọ. Ẹ lè rojọ́ fúnra yín láìgba lọ́yà, ètò wọn sì ni pé kí ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60. Kí ẹ tó pe ẹjọ́, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè owó ránṣẹ́ sí onígbèsè, wọ́n sì ní fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà kí wọ́n mú èèyàn nítorí àdéhùn òwò tó bàjẹ́, ẹjọ́ sì lè yí padà lé yín lórí.

A kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù náà, a fi àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹrin àti ti ọjọ́ 1 oṣù keje mọ́ ọn, méjì nínú wa sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. A kúnlẹ̀ kí Àǹtí kí a tó fi lé e lọ́wọ́. Bàágì mẹ́jọ tó kù wà lórí ìkọ́, a gbà wọ́n padà. Ọjà tuntun kún inú ṣọ́ọ̀bù náà dé ẹnu ọ̀nà, ẹnì kan ti gba owó tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ₦120,000 wọ àkáǹtì wa. Ní oṣù kẹjọ, ₦60,000 tún wọlé. ₦54,000 ṣì wà nílẹ̀ bí a ti ń kọ èyí, ó sì ti dárúkọ ọjọ́ fún un pẹ̀lú iye rẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, a ò ní kọ "kò sí wàhálà, mà" mọ́. Kóòtù là ń lọ.

Ẹ̀yin náà, ẹ ṣí fóònù yín lálẹ́ òní. Ẹ wá ẹni tó jẹ yín lówó tó ń kí yín dáadáa, ẹ tò ìdáhùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọjọ́ tó dárúkọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bákan náà fún ẹni tí ẹ̀yin jẹ lówó. Èyí kejì yìí ló ṣòro jù fún àwa.